Ìpápánu Tí Inú Ò Kà

Kíbọọdù ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọlá-Ìyá, ní Òṣogbo níbí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe níbẹ̀, mò ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà, mò ń ṣe fọtokọ́pì, mò ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń gbé wá nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, bọ́tìnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kíbọọdù yẹn, èyí tó máa ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, kò lọ sílẹ̀ mọ́. Mo dojú kíbọọdù délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ló ń já bọ́ sórí tábìlì, bí ẹni ń ku èlùbọ́. Mo fọwọ́ kan án, mo tọ́ ọ wò (ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá mi lẹ́jọ́), iyọ̀ ni, ó sì ń ta sánsán bíi wàrà gbígbẹ.

Ṣíìsì bọ́ọ̀lù ni. Ìpápánu àgbàdo inú náílọ̀n tí àwọn ọmọ máa ń rà lẹ́yìn iléèwé, tó rí róbótó róbótó, tó máa ń yọ́ lẹ́nu. Èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta náà ń jẹ ẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ iye tí mò ń jẹ lójúmọ́ títí tí mo fi lọ wo apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ yẹn, mo ka náílọ̀n ńlá mẹ́ta, ọjọ́ náà kò sì tíì tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà mo sì jẹ àmàlà. Mi ò jẹ díẹ̀ o, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ gan-an ni mo ṣe jẹ ẹ́, ìyàwó mi bu òmíràn kún un mi ò sì sọ pé rárá. Ká ní oko àgbàdo ni mo bọ́ sí lọ́sàn-án tí mo jẹ àgbàdo sísè mẹ́rin níbẹ̀, ṣé mo lè wálé wá jẹ irú àmàlà yẹn? Kò ṣeé ṣe. Ara mi ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi. Àgbàdo kan náà sì ni méjèèjì, àgbàdo ni wọ́n fi ṣe ti inú náílọ̀n, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ gbàgàdà, òun ló ṣáájú gbogbo nǹkan tó kù. Kí ló dé tí inú mi ka ọ̀kan tí kò ka ìkejì?

Èyí ni mo ti ń rò láti ọjọ́ náà. Mo kà káàkiri, mo sì tún fi ara mi ṣe ìdánwò nílé, èyí tí màá sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ọ̀hún, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa la mọ gúgúrú. Omi díẹ̀ wà nínú hóró àgbàdo, èèpo rẹ̀ sì le, tí iná bá mú un, omi yẹn á di oru, oru ò ráyè jáde, á máa ti èèpo títí èèpo á fi bẹ́, gbogbo inú ẹ̀ á sì wú jáde di funfun. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìsì bọ́ọ̀lù, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ wọn ò nílò èèpo. Wọ́n á bó àgbàdo, wọ́n á yọ ojú inú ẹ̀ tó máa ń hù kúrò, wọ́n á fọ́ èyí tó kù di wẹ́wẹ́, wọ́n á fi omi díẹ̀ rin ín, wọ́n á wá dà á sínú ẹ̀rọ kan tó ní irin gígùn bíi ti ẹ̀rọ tó ń lọ ata, irin yẹn á máa yí, á máa fún un pọ̀, á máa tì í lọ síwájú, ìfúnpọ̀ yẹn pẹ̀lú ooru á sọ ọ́ di nǹkan tó ń fà bí ògì tó ń hó lórí iná. Lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ihò kékeré kan ló wà. Bí àgbàdo yíyọ́ yẹn ṣe ń gba ihò náà jáde sí gbangba báyìí, omi tó há sínú ẹ̀ á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, gbùà, nǹkan náà á wú, ọ̀bẹ á máa gé e bó ṣe ń jáde. Wọ́n á gbẹ ẹ́ títí omi inú ẹ̀ ò fi ní tó 5 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú nǹkan bí àgbá tó ń yí, wọ́n á máa fọ́n òróró sí i lára, wọ́n á máa ku ìyẹ̀fun adùn lé e, iyọ̀, wàrà gbígbẹ, àwọ̀, àti àwọn tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè bíi E621. E621 yẹn kì í ṣe àlejò ilé wa o, òun ni èròjà funfun tí àwọn ìyá wa ti ń bù sí ọbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà lásán dẹ́rù bà yín.

Irú oúnjẹ báyìí ni wọ́n ń pè ní ọ́tírà-púrósẹ́ẹ̀sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Brazil kan, Carlos Monteiro, ní yunifásítì São Paulo, ló mú orúkọ yẹn wá ní 2009, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pín gbogbo oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n pe ètò náà ní NOVA. Àgbàdo sísè wà ní ìpele kìíní. Òróró, iyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń se nǹkan wà ní ìkejì. Ìkẹta ni àwọn bíi ẹja inú agolo. Ìkẹrin ni ti iléeṣẹ́ tó tú oúnjẹ palẹ̀ pátápátá tó sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, tó máa ń ní àwọn nǹkan tí ẹ ò lè bá nínú kíṣìnnì ẹnikẹ́ni ní gbogbo Òṣogbo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ yí náílọ̀n padà kí ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi adùn àtọwọ́dá tàbí maltodẹ́sítírìn níbẹ̀, ìpele kẹrin nìyẹn.

Ó dáa, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdánwò wá kàn.

Ìyàwó mi máa ń ṣe kéékì fún ayẹyẹ, ó ní ìwọ̀n kékeré kan tó ń lo bátìrì tó fi ń wọn fúláwà. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n?" Mo ní oúnjẹ tí mo fẹ́ jẹ ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n ṣáà má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Mo ra náílọ̀n ńlá kan àti àgbàdo sísè méjì. Àgbàdo yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sè é nínú ìkòkò ńlá létí títì ni mo ti rà á. Mo kí i pé ẹ kú ọjà mà, ẹ kú iná, ó sì bèèrè pé ibo ni mo gbà tó ọjọ́ báyìí tí òun ò rí mi mọ́. Mi ò lè sọ fún un pé ìpápánu inú náílọ̀n ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ni mà. Ó fi èèpo àgbàdo wé e fún mi, ó fi àgbọn díẹ̀ sí i, ó ní kí n fi jẹ ẹ́ kó má baà gbẹ mí lẹ́nu.

Mo kọ́kọ́ jẹ ti inú náílọ̀n, láìsí eré, mo ní kí Àdùkẹ́ máa fi fóònù wo àsìkò. Gíráàmù 60 ni gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi jẹ ẹ́ tán, mi ò sì sáré, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́ ni mo ṣe jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náílọ̀n náà wọ́n kọ kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, síbẹ̀: 540 ló wà nínú gíráàmù 100, tó túmọ̀ sí pé 60 tí mo jẹ yẹn, kálórì 324 ni.

Mo wá dúró di ọ̀sán kí ebi tún tó pa mí, mo bọ́ sórí àgbàdo. Mo wọn ọ̀kan pẹ̀lú pòpórò ẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́, gíráàmù 290. Mo jẹ ẹ́ tán mo tún wọn pòpórò, 140. Ìyẹn ni pé gíráàmù 150 ló wọnú mi. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá gbáko ni mo fi jẹ ẹ́! Mo ń yí i, mo ń gé e jẹ ní ìlà-ìlà, èèpo hóró há mi léyín, mo dúró tọ́ ọ, mo jẹ àgbọn sí i. Kálórì ti àgbàdo sísè, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ fún wa, ó sì máa ń yàtọ̀ sí bó ṣe gbó tó. Ẹ jẹ́ ká fún un ní 130 nínú gíráàmù 100, torí àgbàdo wa máa ń gbó ju èyí tó dùn bí ṣúgà tí wọ́n ń dì sínú agolo lọ. Ìyẹn jẹ́ kálórì 195 fún odidi àgbàdo kan.

Ẹ wá bá mi pín in. Ìṣẹ́jú kan tí mo bá fi jẹ ṣíìsì bọ́ọ̀lù, kálórì 65 ló ń wọlé. Ìṣẹ́jú kan tí mo bá fi jẹ àgbàdo sísè, 15. Kí n tó lè rí iye tó wà nínú náílọ̀n kan yẹn gbà lára àgbàdo, mo ní láti jẹ àgbàdo kan àti ààbọ̀ kọjá díẹ̀, màá sì fi bí ìṣẹ́jú méjìlélógún jẹ ẹ́. Mi ò tíì ka àgbọn o, àgbọn ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀rá wà nínú ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ìyá yẹn ń fúnni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́jú yẹn ṣe pàtàkì torí pé inú kì í tètè gbọ́ ìròyìn. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ ikùn, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìfun, ìfun á wá tú àwọn kẹ́míkà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ fún ọpọlọ pé ó tó, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní PYY. Gbogbo èyí ń gba àkókò, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó rinlẹ̀. Tí mo bá ń jẹ àgbàdo, ìròyìn máa ń bá mi lórí oúnjẹ, mo ṣì wà lórí ìkejì nígbà tí ara ti ń sọ pé ọ̀rẹ́, ó tó. Tí mo bá ń jẹ ti inú náílọ̀n, mo ti jẹ ẹ́ tán, mo ti nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, mo ti já òmíràn, ìròyìn ò tíì kúrò nílé.

Àmọ́ àkókò nìkan kọ́. Ẹnì kan máa sọ pé àmàlà ńkọ́? Ṣebí àmàlà ò ṣe é jẹ lẹ́nu, gbígbé mì ni, ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń parí abọ́ àmàlà kan, pàápàá tí gbẹ̀gìrì àti ewédú bá wà ńbẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi náà ronú sí i gan-an, torí ó fẹ́ ba àlàyé mi jẹ́. Ohun tó gba àmàlà là ni omi. Tẹ́ ẹ bá ro àmàlà, ẹ wo iye omi tí ẹ gbé ka iná àti iye èlùbọ́ tí ẹ dà sí i, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àmàlà tó tó gíráàmù 300, tí í ṣe bí ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà kan tó fẹ̀ dáadáa, bíi kálórì 300 ló máa wà nínú ẹ̀, láìka ọbẹ̀. Iye yẹn súnmọ́ iye tó wà nínú náílọ̀n mi tó jẹ́ gíráàmù 60. Ẹ wo ìyàtọ̀ ìwúwo: 300 sí 60. Àmàlà lè yára gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, tó bá dé ikùn ó ń gbé àyè, ó ń wúwo, kò sẹ́ni tó máa jẹ irú ẹ̀ márùn-ún tí kò ní mọ̀. Àgbàdo sísè náà, nínú gíráàmù 150 tí mo jẹ, bí 100 nínú ẹ̀ ló jẹ́ omi.

Ti inú náílọ̀n, afẹ́fẹ́ ló fi rọ́pò omi. Ojú á rí i pé ó pọ̀, ikùn ò sì ní rí nǹkan kan. Mo fi èyí han Àdùkẹ́ lójú ara ẹ̀. Ó wù ú kó rà á lọ́jọ́ Mọ́ńdé, mo ní kó bu ú sínú abọ́ ọbẹ̀ ńlá kan, abọ́ náà kún dé etí. Mo ní kó bu omi sí i, bí ife kékeré kan, kó fi ṣíbí rò ó. Kó tó pé ìṣẹ́jú méjì gbogbo ẹ̀ ti yọ́, ó di nǹkan bí ògì tó dì, ó jókòó sísàlẹ̀ abọ́, ìka ọwọ́ méjì ni mo fi wọn jíjìn ẹ̀. Ọmọ náà ní, "Dádì, ibo ni ìyókù lọ?" Mo ní kò síbì kankan tó lọ. Kò gbà. Ó gbé abọ́ sókè wo abẹ́ ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu náà nìyẹn. Itọ́ bà á, ó yọ́, ahọ́n rò pé nǹkan náà ti tán, ọwọ́ á sì padà sínú náílọ̀n.

Mo mọ̀ pé ìdánwò ẹnì kan nínú pálọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e jáde ní 2019. Èèyàn ogún, ọkùnrin mẹ́wàá obìnrin mẹ́wàá, ni wọ́n gbà sínú ilé ìwòsàn ìwádìí fún ọjọ́ 28, wọn ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fún wọn ní oúnjẹ iléeṣẹ́ nìkan, ọ̀sẹ̀ méjì tó kù oúnjẹ tí wọ́n se láti orí ẹran, ẹ̀fọ́, èso, ọkà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ibí, àwọn kan láti ọ̀hún. Ibi tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣọ́ra tó: oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú wọn, wọ́n mú kálórì méjèèjì dọ́gba, ṣúgà dọ́gba, ọ̀rá dọ́gba, iyọ̀ dọ́gba, kódà fáíbà, apá oúnjẹ tí inú kì í lè dà, wọ́n ní láti po fáíbà mọ́ ohun mímu ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ iléeṣẹ́ kó tó lè bára mu, torí oúnjẹ yẹn fúnra ẹ̀ ò ní in tó. Wọ́n wá sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Nígbà tí wọ́n wọn ohun tí wọ́n jẹ, àwọn ènìyàn kan náà jẹ nǹkan bíi kálórì 500 lé lójúmọ́ nígbà tí wọ́n wà lórí oúnjẹ iléeṣẹ́. Wọ́n sanra sí i ní nǹkan bíi kílò kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí wọ́n wà lórí èkejì iye yẹn náà ni wọ́n fọn. Ẹ má rò pé torí pé ti iléeṣẹ́ dùn jù ni o, wọ́n bi wọ́n léèrè, adùn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yára jẹ ti iléeṣẹ́, kálórì tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bíi 17 ju ti èkejì lọ. PYY tí mo sọ níṣàájú, nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ sísè ló ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Mo ka ibẹ̀ mo sì rẹ́rìn-ín, torí náílọ̀n mi pẹ̀lú àgbàdo ìyá yẹn ni mo ń rí.

Ìwádìí yẹn ní ibi tó mọ. Èèyàn ogún ò pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kúrú, ilé ìwòsàn kì í ṣe Òṣogbo, kò sẹ́ni tó ń ra nǹkan lówó ara ẹ̀ níbẹ̀. Kò sì sọ èwo gan-an ló fà á nínú gbogbo ohun tó yàtọ̀, ṣé ìyára ni, ṣé àìsí omi ni, àbí nǹkan míì. Ní 2022 àwọn olùwádìí míì gbìyànjú láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n ṣe oúnjẹ iléeṣẹ́ tó le lẹ́nu àti èyí tó rọ̀, wọ́n sì ṣe oúnjẹ lásán tó le àti èyí tó rọ̀. Èyí tó le, tó gba ìjẹ lẹ́nu, ni wọ́n jẹ díẹ̀ lára ẹ̀, yálà iléeṣẹ́ ló ṣe é tàbí kì í ṣe iléeṣẹ́. Mo rò pé ìyẹn ni ká máa wò jù, ju ká kàn máa sọ pé ilé dáa iléeṣẹ́ ò dáa.

Torí ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ìyàwó mi tó sọ ọ́: ṣinṣín tí òun náà ń dín nílé kì í ṣe ìpele kẹrin rárá. Fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin, òróró, ó tán. Ṣùgbọ́n òróró ti lé omi inú ẹ̀ jáde, ó gbẹ, ó kún fún kálórì bíi ti inú náílọ̀n, kò jìnnà sí i rárá. Ìpékeré náà bẹ́ẹ̀. Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ike ńlá kan ni wọ́n fi gbé ṣinṣín wá láti ilé àǹtí wọn, ọjọ́ méjì la fi rí ìdí ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ní torí pé wọ́n dín in nílé kò lè ṣe nǹkan, irọ́ ni. Àmọ́ ṣinṣín le! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ro mí tí mo bá jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, màá sì sinmi. Àti pé ẹni tó bá fẹ́ òmíràn gbọ́dọ̀ po fúláwà, kó gé e, kó dúró ti òróró gbígbóná, ìyàwó mi á sì ti sọ̀rọ̀ burúkú kí ó tó gbà láti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan. Ti inú náílọ̀n, ilé kejì sí ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n gbé so ó kọ́.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwádìí kankan tí mo kà, èmi ni mo rò ó. Ẹ wo orúkọ tí a ń pè é: ìpápánu. Ohun tí a fi ń pa ẹnu. Yorùbá ò kà á sí oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ bísíkíìtì páálí kan, tí ẹ bá bi í pé "Ṣé o ti jẹun?", á ní rárá o, mo kàn fi nǹkan panu ni, kò sì parọ́ lójú ara ẹ̀, torí kò tíì rí òkèlè. Láyé àwọn ìyá wa ìyẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni ìpápánu nígbà yẹn, àgbàdo sísun, ẹ̀kùrù, ìrèké, nǹkan tí eyín máa bá jà, tàbí tí omi kún inú ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n pa lóòótọ́. Èyí tó wà nínú náílọ̀n mi yìí, tí mo bá jẹ mẹ́ta, ó ti fẹ́ẹ̀ tó kálórì ẹgbẹ̀rún kan, oúnjẹ alẹ́ méjì nìyẹn, orúkọ ìpápánu ló ṣì ń jẹ́. Mo ń délé lálẹ́ mo sì ń jẹ àmàlà pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

Àgbàdo sì máa ń fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ẹ jẹ mẹ́ta, pòpórò mẹ́ta á wà níwájú yín, gbogbo ilé á rí i. Ẹ jẹ ẹran, eegun á wà níbẹ̀. Àmàlà, ìyàwó ló bù ú, ó mọ iye ẹ̀. Náílọ̀n, ẹ máa ká a mọ́ra, ẹ máa jù ú sábẹ́ tábìlì, ẹ̀yin fúnra yín ò ní rántí mọ́. Tí kì í bá ṣe kíbọọdù tó dalẹ̀ mi, ǹ bá má mọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Mi ò lè parọ́ pé mo ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Tí mo bá rà á, mo máa ń dà á sínú abọ́ kékeré kan tí mo gbé lọ ṣọ́ọ̀bù, mi ò kì í jẹ ẹ́ látinú náílọ̀n mọ́, abọ́ kan ni mo sì ń jẹ, ìyókù ọmọ fọtokọ́pì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ń kó o. Ó jọ pé òun ló wá ń sanra báyìí, màá bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí àgbàdo bá wà, mo máa ń rin ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Tí kò bá sí, ẹ̀pà sísun pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà náà ní kálórì púpọ̀ o, àmọ́ ó gba ìjẹ, ẹnu ẹni sì máa ń sú u kó tó pọ̀ jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá ìyá alágbàdo náà. Mo ní kó fún mi ní mẹ́ta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ mo jẹ ọ̀kan, mo jẹ ìkejì, mo dé ìdajì ẹ̀kẹta mo dúró. Ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

"Kò dùn ni?" ó ní.

Mo ní, "Ó dùn mà. Ó ti yó mi ni."

Ó ní kí n gbé e wá kí òun fi èèpo wé e fún mi, kí n gbé e lọ fún ìyá àwọn ọmọ. Mo ní mà, mo ti gé e jẹ. Ó ní kí ló kàn ọ́, ṣebí ẹnu ọkọ ẹ̀ ni, ó sì wé e.